Ṣíbí Àkọ́kọ́ Ọmọ Alásè

Igba èèyàn ló ń jẹun lọ́wọ́ alásè yìí lójúmọ́, ẹ gbọ́ o. Òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ni wọ́n, ibi iṣẹ́ sì jìn débi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń ráyè lọ sílé. Nínú gbogbo ẹnu tó ń bọ́, ẹnu kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ẹnu ọmọ ẹ̀, tí kò tíì mọ adùn ohunkóhun lẹ́yìn wàrà ọmú.

Ọkọ ẹ̀, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ló ń tọ́jú ọmọ. Alásè á fún wàrà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, á kó o sí fíríìjì, awakọ̀ tó ń kó ẹ̀fọ́ wá á sì bá a fi kúlà oníyìnyín gbé e lọ sílé lọ́jọ́ kejì kejì. Kó tó padà síbi iṣẹ́ ló ti gba ìlérí lẹ́nu ọkọ: tí Ọ̀gá bá pé oṣù mẹ́fà, òun ìyá ni yóò fún un ní ṣíbí àkọ́kọ́. Ọ̀gá ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí kò sẹ́ni tí kì í pàṣẹ fún. Alásè ti ra ṣíbí kékeré onírọ́bà, inú àpò aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ló wà, ó máa ń fọwọ́ kàn án tó bá ń ro ọbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kó lọ sílé ni alásè kejì dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní kó má tíì lọ, kó ní sùúrù, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Péré wo? Lójú ta ni? Ó bẹ ọkọ ẹ̀ pé kó ṣáà dúró de òun. Télọ̀ ní ó dáa.

Ṣé ọmọ mọ ìlérí ni? Ọ̀gá ti pé oṣù mẹ́fà, ó ti ń jókòó tí wọ́n bá fi ìrọ̀rí tì í, ọrùn ẹ̀ sì le dáadáa. Tí bàbá ẹ̀ bá ń jẹun, ojú ẹ̀ á tẹ̀ lé ṣíbí láti inú àwo dé ẹnu, á na ọwọ́, á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Nígbà tí bàbá ẹ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì fi ṣíbí mímọ́ kàn án létè, ahọ́n ẹ̀ ò tì í jáde mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ ti ṣe tán; kí wọ́n má dá wàrà dúró, àmọ́ wàrà nìkan ò tó o mọ́, ara ẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ tó ń fúnni lẹ́jẹ̀, kí wọ́n má fi falẹ̀.

Télọ̀ ò dá ìyàwó ẹ̀ lẹ́bi nígbà tó pè é. Ó kàn ròyìn fún un ni. Alásè bọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú. Ó ń wù ú gan-an kó rí ọmọ náà. Ó nu ojú, ó gbé fóònù padà sétí.

"Bàbá Ọ̀gá, má dúró dè mí mọ́. Se ọ̀dùnkún kó rọ̀, tẹ̀ ẹ́ kúnná, kó o fi wàrà tí mo fi ránṣẹ́ pò ó. Kó má ṣàn bí omi o, kó lè dúró lórí ṣíbí. Má fi iyọ̀ sí i. Ṣíbí méjì sí mẹ́ta ti tó."

Télọ̀ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo lọ́jọ́ náà. Alásè gbọ́ ìró ṣíbí, ó gbọ́ tí ọmọ ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì, ẹ̀rù ba bàbá ẹ̀. Alásè ní kó fara balẹ̀, kó má ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bí ọmọ ṣe ń kọ́ oúnjẹ jíjẹ nìyẹn. Láìpẹ́ ó gbọ́ tí ọmọ ń pọ́nnu lá. Ó di ṣíbí onírọ́bà mú nínú àpò.

Lójoojúmọ́ ló ń béèrè, télọ̀ sì ń dáhùn. Ọ̀gá ti jẹ ẹ̀wà títẹ̀, ó ti jẹ ẹran tí wọ́n lọ̀ kúnná, ó ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Oúnjẹ ẹ̀ ti ń ki sí i. Bẹ́ẹ̀ ni inú ìyá ẹ̀ ń dùn, tó sì ń bà jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, ọ̀sán Sátidé ni alásè délé. Ọ̀gá wò ó, ó sì fi ojú pamọ́ sí ọrùn bàbá ẹ̀. Ó dun ìyá ẹ̀ wọ egungun. Ó jókòó, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Télọ̀ dìde, ó gbé abọ́ kékeré kan wá, ẹyin kan wà nínú ẹ̀, tó sè títí tó fi le.

"Ẹyin nìkan ni kò tíì tọ́ wò. Ìwọ ni mo fi í pamọ́ dè."

Alásè tó ń bọ́ igba èèyàn rọra tẹ ẹyin kan ṣoṣo náà, ó fi wàrà pò ó. Ó yọ ṣíbí inú àpò, ó fọ̀ ọ́, ó fi bu ẹyin, ó gbé e síwájú ọmọ, ó dúró. Ọ̀gá wo ṣíbí, ó wo ìyá ẹ̀, ó la ẹnu. Ojú ẹ̀ fún pọ̀, ó tu ìdajì jáde. Ó tún la ẹnu.

Ó gba ṣíbí mẹ́rin. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó pa ẹnu dé, ó yí orí. Ó ṣì ku díẹ̀ nínú abọ́, Mọ́ńdè sì ni ọkọ̀ máa gbé ìyá ẹ̀ padà. Ó wu ìyá ẹ̀ kí ọmọ gba ọ̀kan sí i, ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọmọ ti yó. Alásè gbé ṣíbí kalẹ̀.