Ìlà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Kún Lẹ́tà Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní lẹ́tà tí mo fi ń wá ibi tí màá ti kọ́ṣẹ́ iná tútù jù. Ó ní iléeṣẹ́ tí kò polówó ààyè kankan kò ní dá mi lóhùn nítorí pé mo mọ̀ ọ́n kí. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò bẹ̀rù iná!" Òun tó ń tún fóònù ṣe, tí iná tó mọ̀ kò ju ti bátìrì lọ.

Mo kọ ọ́. Mo so lẹ́tà náà mọ́ ìwé tí iléèwé pólì fún mi láti fi wá ibi ìkọ́ṣẹ́, mo sì fi lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike lọ́wọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti ríbi lọ. Bí n kò bá ríbi kọ́ṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, n kò ní bá wọn wọ kíláàsì tó kàn. Ìyá mi ti ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná.

Àfi bí wọ́n ṣe pè mí.

Ẹnjiníà àgbà iléeṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dáhùn ìkíni mi. Ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Tẹ̀ lé mi."

Yàrá iná gbóná, ó sì ń kùn. Ó ṣí panẹ́ẹ̀lì mọ́tò kan, ó tọ́ka sí wáyà kan tó ti tú, ó wá dúró tì mí pẹ́kípẹ́kí. "Mo ti pa á. Dè é padà."

Bí mo bá kọ̀, ààyè ti lọ nìyẹn. Bí mo bá fọwọ́ kàn án ńkọ́?

"Ẹ má bínú, sà. Níbo lẹ ti pa á?"

"O ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Iná ni mi ò gbà gbọ́."

Ó fi suwíìṣì ara ògiri hàn mí. Mo tọrọ àgádágodo, mo fi tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tọrọ tẹ́sítà, èyí tó máa ń tàn bó bá kan iná, mo kọ́kọ́ dán an wò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà, kí n lè mọ̀ pé kò bàjẹ́. Mo wá fi kan wáyà tó tú náà. Kò tàn. Mo fi kan wáyà tínínrín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tàn yòò!

Mo fò sẹ́yìn, mo figbe ta. Omi ti dà lójú mi. "Iná ṣì wà níbẹ̀, sà! Ibòmíràn ló ti ń bọ̀!"

"Láti panẹ́ẹ̀lì kejì ni. Mo mọ̀, mo fi dán ẹ wò ni. Àwọn tó kọ̀wé wá ṣáájú ẹ, èmi ni mo gbá ọwọ́ wọn mú kí wọ́n tó fi kàn án."

Nígbà tá a padà sí ọ́fíìsì, ó ti lẹ́tà mi sí mi pẹ̀lú bírò. "A ò ní ààyè, ìdí nìyẹn tá ò fi polówó. Mo pè ọ́ nítorí ìlà yìí. Bí iná bá pa ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀, èmi ni mo máa lọ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Fagi lé e, kí o kọ òótọ́."

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí débi pé ìkọ̀wé mi wọ́. Mo kọ ọ́ pé: Ẹ̀rù iná ń bà mí gan-an.

Ó kà á, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé pólì mi, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà pé: Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.