Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Rahimath

Wassila kì í bẹ̀rù òkú. Ó ti tún àwòrán òkú púpọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Savalou. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà mú kí ara rẹ̀ bù máṣọ.

Falilatou ló gbé iṣẹ́ náà wá láti Bantè. Nikáà rẹ̀, ìyẹn ìgbéyàwó rẹ̀, ku ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀, Rahimath, ti kú láti ìgbà tí Falilatou wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ohun kan ṣoṣo ni ọmọ náà sì fẹ́: kí ìyá òun ṣàdúrà fún òun nínú fídíò. Bilkissou, àbúrò Rahimath, ti jókòó síwájú kámẹ́rà, ó ti ṣàdúrà. Iṣẹ́ Wassila ni láti yọ ojú Bilkissou, kó fi ti Rahimath sí i.

Ojú pípààrọ̀ ò le tí nǹkan kan ò bá bò ó. Ṣùgbọ́n Bilkissou wọ awò ojú, irun rẹ̀ yọ lábẹ́ ìbòrí, ó sì ń fọwọ́ nu ojú bó ṣe ń sunkún. Kọ̀ǹpútà ò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ojú. Ojú tuntun ló lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀: ìka yọ́ bí òrí inú oòrùn, apá awò ojú sì pòórá. Wassila wá ń mú àwòrán inú fídíò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kun ọwọ́, ó ń kun awò àti ìbòrí, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ojú kan ibẹ̀. Ó kun bí ogójì kí kọ̀ǹpútà tó kọ́ ọ, tó ń ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Níbi irun, ó jẹ́ kí etí ojú tuntun náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má dà bí ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí àwọn fídíò àtijọ́ tí Rahimath wà nínú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà fi kọ́ ojú rẹ̀, nítorí nínú gbogbo wọn ló ti fi ọwọ́ tàbí ìbòrí bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Tí kò bá kun ọwọ́ náà kúrò, kọ̀ǹpútà á rò pé ara ojú ni ìka. Wassila ò béèrè ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Falilatou àti Bilkissou dé, wọ́n jókòó. Fídíò bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá mi o!" Falilatou pariwo, ó kọjú sí àbúrò ìyá rẹ̀. "Tàtá, ẹ wo bó ṣe ń ṣẹ́jú!"

"Mo rí i," ni Bilkissou wí. "Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ, ó sì yẹ òun jù mí lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ inú fídíò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì hàn: ó dán, ó tẹ́jú, bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Kò sí ẹlẹ́ran ara tó ní irú rẹ̀.

Falilatou sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ta nìyẹn?"

"Ìyá rẹ ni," Wassila dáhùn.

"Rárá, àǹtí. Àpá wà níbẹ̀. Alaalẹ́ ni mo ń fọwọ́ pa á kí n tó sùn."

Bilkissou ò gbé ojú sókè. "Ìgbà tí a ń yan kajú ní Lougba ni. Èèpo rẹ̀ bú, òróró rẹ̀ ta. Ìwọ lo ń rá bọ̀ nídìí agbada, Rahimath sì da ojú rẹ̀ bò ọ́. Kò bo àpá náà nínú ilé rí. Kámẹ́rà nìkan ló bò ó fún."

Wassila lóye. Kọ̀ǹpútà ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn rí, ó kàn mú èyí tó wà nítòsí, ó sì méfò. Obìnrin tí iná ò jó rí ló ṣe jáde, ẹni tí kò bo ọmọ kankan.

"Ṣé kí n ya àpá náà sí i?"

"Ẹ mọ bó ṣe rí?" Falilatou bi í. "Ẹ pa á rẹ́. Ẹ má jẹ́ kó tún wò mí."

Wassila pa á rẹ́. Ó tún gbé kámẹ́rà dìde.

"Tàtá, ẹ gbé ọwọ́ síbi tí Rahimath máa ń gbé e sí. Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ ó fi parí."

Bilkissou tẹ́ ìka márùn-ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó ṣàdúrà.

Ní ọjọ́ kejì, Wassila ti kun ọwọ́ náà dáadáa. Ó dúró lórí ojú Rahimath, laali orí èékánná rẹ̀ hàn gbangba, kò sí ìka tó yọ́. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ní láti méfò.

"Kí Ọlọ́run fún ọ lọ́mọ tí wàá bò," ni ojú náà wí.

"Àmín, Màmá," Falilatou dáhùn, ó wólẹ̀ síwájú tábìlì.

Wassila yíjú sí Bilkissou láti bá a yọ̀. Obìnrin náà ń wo fídíò, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ mú bí ẹni tí nǹkan ń ta lára.

"Wassila," ó wí jẹ́jẹ́, "ìgbà tí mo gbé ọwọ́ síbẹ̀ lánàá, ibẹ̀ gbóná. Kò tíì tutù."