Bí Tíṣà Edilberto Ṣe Ka Tíkẹ́ẹ̀tì Zoila

Ẹ ti fura pé ẹni tó ń fi ìwé kíkà yangàn ló máa ṣì í kà; bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní Iquitos, Tíṣà Edilberto gba fóònù aládùúgbò rẹ̀, Zoila, ó wo àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé e lọ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀ ní Lima lọ́la.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

"Ìwọ tó o sá nílé ìwé?"

Ó kọ ọ́ sí ìwé pélébé: ọkọ̀ òfurufú gbéra, aago kan ọ̀sán; ẹrù, kílò mẹ́tàlélógún; ìforúkọsílẹ̀ parí ní wákàtí kan ṣáájú, aago méjìlá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé pápákọ̀ ní mọ́kànlá ààbọ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ na ìka sí àwòrán náà: aago kan ni ọkọ̀ máa balẹ̀ ní Lima, aago mọ́kànlá ló ti gbéra.