Ẹ̀sán Nínú Ìṣirò

Kọ́láwọlé, ọkọ ọmọ mi, wọ Accra ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Láti Òṣogbo ló ti ń bọ̀, ojú ọ̀nà ló sì sùn. Kó tó dìde tán lórí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Bàbá, ẹ wo nǹkan tí ọmọ yín ṣe!"

Iléèwé ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, nọ́ḿbà kan ṣoṣo sì tẹ̀ lé e: Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jọ, ìṣirò, ẹ̀sán, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀jọ, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ẹ̀fà. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé ìsàlẹ̀.

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá," ni ó wí. "Nínú ìṣirò! Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà! Àwọn àbúrò rẹ̀ tí ìyàwó mi kejì bí nílé, ẹni tó bá gba márùn-ún nínú wọn á ní ká pa adìẹ."

Mo wo fóònù náà pẹ́. Accra ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ka ìwé, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ̀sán jẹ́. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní kó wá jẹun.

Ní ọjọ́ tí a sin Adùnọlá, ọmọ mi tó jẹ́ ìyàwó Kọ́láwọlé, èmi àti ọkọ rẹ̀ ti dúró sí ẹ̀yìn ilé, a sì ti ṣe àdéhùn. Ó ní bí Tẹniọlá, ọmọbìnrin wọn, bá ń ṣe dáadáa nínú ìwé títí di ìsinmi Àjíǹde, òun á fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kó parí iléèwé rẹ̀ ní Kotobabi ní Accra níbí. Bí kò bá ṣe dáadáa, òun á mú un lọ. Mo gbà. Adùnọlá nìkan ni mo bí, Tẹniọlá nìkan ni òun náà sì bí.

Ọmọ náà jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Bàtà aláwọ̀ dúdú kan ni bàbá rẹ̀ rà fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé ojú sókè wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Mo rí i pé ó mọ̀, òun náà sì rí i pé mo mọ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí iléèwé ń pe àwọn òbí wá gba ìwé èsì lọ́wọ́ tíṣà. A wọ trotro, ọkọ̀ akérò. Kọ́láwọlé kò lè pa á mọ́ra. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ sọ fún méètì tó ń gba owó ọkọ̀ pé ọmọ òun gba mẹ́sàn-án nínú ìṣirò. Méètì náà wò ó, ó wo Tẹniọlá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Twi. Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí, Bàbá?"

"Ó ní Alata, àwa Yorùbá, kì í kánjú dákẹ́."

"Òótọ́ ló sọ!" ni Kọ́láwọlé wí, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí méètì sọ gan-an ni pé orí ni ọ̀gá náà fi ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lókè. Tẹniọlá gbọ́ Twi náà dáadáa. Ó yíjú sí fèrèsé.

Màdáàmù Afua ni tíṣà kíláàsì wọn, obìnrin kékeré tí kì í gbé ohùn sókè. Ó kó àga mẹ́ta síwájú tábìlì rẹ̀, ó ṣí ìwé èsì sílẹ̀, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Kọ́láwọlé fọwọ́ kàn mí. "Bàbá, ẹ máa túmọ̀ fún mi. Ẹ má fo nǹkan kan o, mo fẹ́ gbádùn rẹ̀."

Tíṣà sọ pé, "Mo bá yín kẹ́dùn ikú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Èsì yìí kò dára rárá."

Mo kọjú sí Kọ́láwọlé. "Ó bá wa kẹ́dùn Adùnọlá."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ìdajì máàkì wá láti inú iṣẹ́ kíláàsì, ìdajì láti inú ìdánwò, Tẹniọlá kò sì mú iṣẹ́ kíláàsì tó ìdajì wá. Mo sọ fún Kọ́láwọlé pé ìdajì máàkì wá láti inú iṣẹ́ kíláàsì, ìdajì láti inú ìdánwò. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ka oríkì fún. Tíṣà fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ ìwà sí. Ó ní ọmọ náà ní ọ̀wọ̀, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyẹn ni mo túmọ̀ ní kíkún.

Nígbà náà ni mo ṣèèṣì wo Tẹniọlá. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ń wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tí wọ́n jọ jalè tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀ wọ́n. Mo ti fi ẹgba na ìyá rẹ̀ rí nítorí irọ́ tí kò tó èyí. Bí ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ṣe wò mí yẹn kò ṣeé fara dà.

"Kọ́láwọlé," ni mo wí, "fetí sílẹ̀. Mo ti ń fo ọ̀rọ̀."

Mo sọ fún un. Mo ní ní Ghana níbí, láti òkè ni wọ́n ti ń kà á wálẹ̀. Ẹni tó bá gba ọgọ́rin máàkì sókè, ení ni wọ́n ń kọ fún un. Ení ló ga jù. Bí nọ́ḿbà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni máàkì ń dín kù. Ẹni tí kò bá gba ogójì, ẹ̀sán ni. Lẹ́yìn ẹ̀sán, kò sí nǹkan kan mọ́. Nínú ìdánwò ìjọba tí wọn yóò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n máa rò pọ̀. Ẹni tí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀fà péré ló ṣe dáadáa jù.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ tíṣà. Ó ń wò ó.

"Ìṣirò yìí ńkọ́?"

"Ó gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún."

Kò pariwo. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ orí nọ́ḿbà náà bí ẹni tó fẹ́ pa á rẹ́.

"Bàbá," ni ó wí, "lọ́dún tó kọjá. Ní oṣù Keje. Adùnọlá pè mí, ó ka èsì fún mi lórí fóònù. Ó ní ení, èjì, ení, ení. Kí wá nìyẹn?"

Mi ò mọ̀ nípa ìpè náà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló dáhùn. "Ipò kejì ni mo ṣe nínú kíláàsì, Dádì," ni Tẹniọlá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Fóònù wà ní sípíkà. Ẹ ní ení nínú mẹ́wàá. Ẹ ní olódo ni mọ́mì bí fún yín. Mọ́mì pa fóònù. Mo ní kí wọ́n pè yín padà kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ní rárá, kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì."

"Kò gbé ìpè mi mọ́," ni Kọ́láwọlé wí, ó sì ń bá ìwé náà sọ̀rọ̀. "Mo rò pé ojú ló ń tì í."

Oṣù Kẹsàn-án ni Adùnọlá kú.

Màdáàmù Afua kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dúró títí a fi gbé ojú sókè. Ó wá fi ìka sí ìlà méjì tó kù. Lórí èkíní, ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́rin ni iléèwé ṣí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni Tẹniọlá wá. Lórí èkejì ni ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ wà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: "Ọmọ tó lè ṣe é ni. Kò sí pẹ̀lú wa mọ́."

Gbogbo àárọ̀ ni mo rí ọmọ náà tó wọ aṣọ iléèwé jáde. Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Tẹni. Ibo lo ń lọ?"

Ó tọwọ́ bọ àpò ìwé rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó sì gbé e sórí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹténà tí ìyá rẹ̀ ti ń ta òwú àti síìpù ni. Mo rò pé ó sọnù lọ́jọ́ ìsìnkú, mi ò sì wá a.

Tíṣà bi mí bóyá mo rí ìwé èsì ti oṣù Kejìlá, nítorí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n wá. Mo ní mo rí i. Mo ti fọwọ́ sí i láì ṣí i wò, mo sì dá a padà. Ìwé ọmọ yẹn nira fún mi láti wò nígbà náà. Mi ò ṣàlàyé èyí fún un.

Kọ́láwọlé ni mo sọ ọ́ fún lójú ọ̀nà. Ó gbọ́ mi parí. Ó ní, "Bàbá, mi ò bá yín jà. Èmi tí mo sọ èyí tí mo sọ, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá yín jà? Ṣùgbọ́n ilé yín dákẹ́ jù fún un. Á bá mi lọ." Mi ò jiyàn. Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ó ti fọwọ́ sí ibi tí òbí ń fọwọ́ sí kí a tó kúrò ní kíláàsì. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́, ìwé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n wọ ọkọ̀. Tẹniọlá wọ bàtà tuntun náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́." Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ti inú rẹ̀ wá, tàbí ó kàn fẹ́ kí n rí nǹkan dì mú.

Mo gba Kotobabi lọ ní ọ̀sán, mo sì ṣí kọ̀ǹténà náà. Àpótí kékeré kan wà láàrín àwọn òwú, níbi tí Tẹniọlá ti máa ń jókòó. Ó ti gbálẹ̀. Ó ti to àwọn síìpù ní àwọ̀ ní àwọ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tò wọ́n. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo oníbàárà á ti rí i bí ilẹ̀kùn bá ṣí, Adùnọlá ti fi téèpù lẹ ìwé èsì ti oṣù Keje mọ́ irin. Ó fi gègé pupa yí àwọn ení náà ká.

Mo sọ fún Kọ́láwọlé lórí fóònù. Ó ní kí n yọ ìwé náà, kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo ní mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ìwé náà ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Mo ń lọ ṣí ilẹ̀kùn náà, mo sì ń tì í padà.