Ìròyìn Bàbá Tó Yọ̀ Lẹ́nu Lífìtì

Akọ̀wé-kọwúrà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ní òtẹ́ẹ̀lì wa. Mò ń ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, nítorí orúkọ náà dùn mọ́ mi. Èmi ni alábòójútó iṣẹ́ àárọ̀, èmi ni mo sì máa ń kọ ohunkóhun tó bá bàjẹ́ sílẹ̀. Bí fáànù yàrá kan bá dákẹ́, n óò kọ ọ́ bí ẹni tí ń ròyìn ogun. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ yàrá tó ń gbóná á ti làágùn kó tó débẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá àlejò kan yọ̀ ṣubú lẹ́nu lífìtì láàárọ̀ ọjọ́ kan, àánú bàbá ṣe mí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọwọ́ ti ń yún mi láti kọ ọ́.

Mo kọ̀yìn síbẹ̀ lẹ́yìn káńtà, mò ń to kọ́kọ́rọ́ síbi tí wọ́n ń gbé kọ́ ọ. Mo gbọ́ "gbì!" Nígbà tí mo fi máa yíjú, bàbá ti wà nílẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ilẹ̀ tutù. Ìyá Dídán, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wa, dúró pẹ̀lú korobá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. A gbé àga fún bàbá, a fi yìnyín sínú táwẹ̀lì gbé lé ẹsẹ̀ rẹ̀, a bi í bóyá ká pe dókítà. Ó ní ká má pè é, pé ọmọ òun ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dé, ó fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Màdáámù máníjà pè mí. Ó ní, "Kọ ìròyìn rẹ̀ wá kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn adójútòfò ń retí rẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa lókè náà ti sọ̀rọ̀: ẹni tí ìròyìn bá fi hàn pé kò ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé."

Ìyá Dídán gbọ́. Opó ni, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ yìí bọ́. Ó tún ibi tó ti nù nù.

Mo kọ̀wé, mo kọ̀wé, òógùn bò mí. Mo fọwọ́ sọ̀yà gbé e fún Màdáámù. Ó kà á sókè: "'Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Bàbá arúgbó aláìlẹ́ṣẹ̀ kan ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá nítorí àìbìkítà anulẹ̀ wa, tí kò gbé pátákó ìkìlọ̀ kankan sílẹ̀.'"

Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé o rí i nígbà tó ń ṣubú?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ dá?"

"Ó dì í mú, mà."

"Dókítà wo ló wá sọ fún ọ? Ta ló sọ fún ọ pé kò sí pátákó?"

Mo ní, "Màdáámù, ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé."

"Ìwọ wá di ọba? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Ohun tí ojú rẹ rí, ohun tí etí rẹ gbọ́, ohun tí wọ́n sọ àti ẹni tó sọ ọ́, ìyẹn ni kí o kọ. Ta ló jẹ̀bi, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Má sì fi nǹkan kan pamọ́, torí ohun tí a bá fi pamọ́ ló máa dójú tì wá ní kóòtù."

"Ṣé mo lè kọ ọ́ pé a kí i pẹ̀lẹ́?"

"Èèyàn ṣubú, o kí i pẹ̀lẹ́, kọ ọ́. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀bi."

Mo jáde bí adìẹ tí òjò pa. Mo ya fọ́tò ilẹ̀, mo ní kí wọ́n tọ́jú àwòrán kámẹ́rà kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́, mo sì wò ó. Pátákó ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè kan wà níbẹ̀ ketekete, níhà lífìtì. Ṣùgbọ́n yàrá ìjẹun ni bàbá ti ń bọ̀, níhà kejì, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀; òpó ilé kan ló bo bàbá nígbà tó yọ̀.

Mo lọ bá Ìyá Dídán. "Ìyá, méjì ni pátákó wa. Ìkejì dà?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Kò sí nínú yàrá ẹrù, ọ̀gá."

"Ṣé ẹ wá a?"

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

Ó yé mi, àbí mo rò bẹ́ẹ̀: ìyá yìí ti sọ ọ́ nù. Inú mi bàjẹ́ fún un, mo sì tún ń gbéra ga pé mo ti mọ òkodoro. Mo gbé tíì mi, mo fi orúnkún ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi kó lè padé, kí n jókòó kọ ọ́. Ilẹ̀kùn náà kò mì; ó máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu ni, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi. Mo wolẹ̀ kí n lè rí ohun tó dì í mú.

Pátákó aláwọ̀ ìyeyè ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ó ti pẹ́ débi pé mi ò rí i mọ́.

Tíì dà sí mi lára. Mo sáré padà. "Ìyá! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo ti bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín rí, ọ̀gá. Ẹ ní ooru ń mú yín."

Mo rántí. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè wò.

Ẹ má rò pé mo di èèyàn gidi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé pátákó kejì "wà níbòmíràn nínú ilé". Ó wò mí lójú lórí ìwé, mo sì fà á ya. Mo wá dojú kọ ara mi bí mo ṣe dojú kọ ìyá léèkan: mo kọ ọ́ pé ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan mi ló ṣubú lu bàbá, pé bí kì í bá ṣe tèmi ni, bàbá kì bá ti ṣubú. Omijé bọ́ sí i.

Màdáámù kà á, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, mà!"

"Báwo lo ṣe mọ̀? Pátákó lè wà níbẹ̀, kí bàbá máa wo fóònù. O fẹ́ dájọ́ ìyá, o ṣì í dá. O wá fẹ́ dájọ́ ara rẹ. Níbo ni pátákó wà?"

"Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì alábòójútó."

"Ta ni alábòójútó?"

Mo gbé gègé. N kò tíì kọ nǹkan tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo jáde, Ìyá Dídán dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di igi ìnulẹ̀ mú. "Ọ̀gá, ṣé wọ́n máa lé mi?"

Mo kà á fún un: "Mo kọ̀yìn síbẹ̀, n kò rí i nígbà tó ṣubú. Àlejò sọ pé ọrùn ẹsẹ̀ ń dun òun. Ilẹ̀ tutù. Anulẹ̀ ti gbé pátákó kan síhà lífìtì. Kò sí pátákó níhà yàrá ìjẹun. Èmi ni mo fi pátákó kejì dí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Anulẹ̀ ti bi mí nípa rẹ̀ ṣáájú, n kò dá a padà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé igi ìnulẹ̀ ti ògiri.

"Ẹ tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kà, ọ̀gá."

Mo tún un kà.