Orúkọ Ọláìtán Lẹ́yìn Tíṣáàtì

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún Ọmọ́yẹmí pé tíṣáàtì kan tí òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kàn rí ló máa pa bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni. Ta ni yóò wí fún un?

Ìkànnì kékeré kan ló ní lórí YouTube. Nínú àgbàlá wọn ní Zongo, ní ìlú Parakou ní Bẹ̀nẹ̀, ló ti máa ń gbé fóònù ka orí àpótí, tí bàbá àgbà rẹ̀, Bàbá Ládépọ̀, yóò jókòó síwájú rẹ̀, tí yóò máa sọ bí ayé ṣe rí nígbà Révolution, láyé ìjọba ológun. Awakọ̀ akẹ́rù ni Bàbá nígbà náà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọláìtán ni wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ láti Parakou lọ sí Malanville. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin ìjọba méjì dá wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n kí wọn ní kíkí tó di dandan láyé ìgbà yẹn: Prêt pour la révolution! Ó túmọ̀ sí pé, a ti ṣe tán fún Révolution. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìjà ń bá a lọ. Ọláìtán, aláwàdà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu dé, ní ebi ló ń bá a lọ ní tòun. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mú un lọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́ títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo fídíò Bàbá fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Á na ìka sókè, á fi ohùn àwọn ọkùnrin yẹn kígbe, "Prêt pour la révolution!" Á wá fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn: "Ẹ kọ́kọ́ dá Ọláìtán padà ná." Ẹ̀rín á pa àwọn tó ń wò ó, omi á sì máa lé lójú àwọn mìíràn. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ẹ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ fún wa, a máa rà á.

Abraham, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́yẹmí tó wà ní Lyon, ló bá a rí ilé iṣẹ́ kan. Àwọn yẹn kì í kó ọjà pa mọ́. Ìgbà tí ẹnì kan bá sanwó ni wọ́n tó ń tẹ àwòrán sára tíṣáàtì kan ṣoṣo yẹn, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ tààrà sílé ẹni tó rà á. Wọ́n á yọ owó tiwọn, èyí tó bá lé di ti oníkànnì. Ọmọ́yẹmí jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwòrán tó kọ́kọ́ yọ nínú fídíò kéré jù, yóò ṣú bàìbàì lára aṣọ, ló bá tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó nu gbogbo ẹ̀yìn àwòrán náà kúrò, kí onígun mẹ́rin funfun kan má baà yí i ká lórí aṣọ dúdú. Ìka Bàbá àti ìkíni wà níwájú. Ìdáhùn wà lẹ́yìn, pẹ̀lú orúkọ Ọláìtán gàdàgbà.

Nígbà tó fi han Bàbá, Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí àdúgbò Banikanni, sọ́dọ̀ Àràmọ́tù, opó Ọláìtán. Ó sọ fún un pé wọn yóò máa wọ orúkọ ọkọ rẹ̀ káàkiri ìlú òyìnbó. Àràmọ́tù ò mọ̀wé, àmọ́ ó fọwọ́ pa ojú kọ̀ǹpútà náà níbi tí wọ́n fi hàn án.

Ó ní, "Wọn ò fún mi ní sàréè kan tí mo lè lọ wò. Ẹ ṣé o. Ó ti ní ibi tó wà báyìí."

Ẹ̀yin náà gbọ́ o. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ń gba owó títẹ̀ iwájú aṣọ lọ́tọ̀, ó ń gba owó ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Tí èèyàn bá tún fi owó ìfiránṣẹ́ kún un, tíṣáàtì náà wọ́n ju ohun tí ọmọ ilé ìwé kan lè rà lọ. Abraham pe Ọmọ́yẹmí lórí fóònù.

"Fi iwájú nìkan sílẹ̀, àbúrò mi. Àwọn tó ń wo ìkànnì yín ti mọ ìyókù lórí."

"Ẹ̀yìn ni Bàbá fẹ́, bọ̀ọ̀dá."

"Wàá dá a padà síbẹ̀ tó bá yá, tí ọjà bá ti ń rìn."

Ó yọ ẹ̀yìn kúrò. Kò sọ fún Bàbá. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe irọ́ lòun pa, òun kàn ń dúró kí ọjà rìn ni.

Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí máa ń ra ọ̀kan wálé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ orúkọ Bẹ̀nẹ̀ ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ náà ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Abraham ló wá gba aṣọ àyẹ̀wò náà ní Lyon, ó fọ̀ ọ́, ó ní ó mọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí. Òótọ́ ló sọ. Bí ọ̀kan péré bá ti wọ Zongo, Bàbá ì bá ti yí i padà wò. Fọ́tò ló ń dé dípò rẹ̀, láti Paris, láti Montréal, àwọn èèyàn na ìka sókè bíi ti Bàbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá béèrè pé, "Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ta ló ń ya ẹ̀yìn ara rẹ̀, Bàbá?"

Ìyẹn ti wá di irọ́ báyìí. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùáíbù, ọmọ Àràmọ́tù tó wà ní Paris, ra ọ̀kan fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí kò sí bí wọ́n ṣe máa fi ránṣẹ́ sí Parakou, àdírẹ́sì aládùúgbò kan tó ń bọ̀ nílé ló kọ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni aṣọ náà lọ tààrà. Ṣùáíbù ò rí i sójú. Inú àpò ìrìn-àjò ló bá dé Banikanni.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ ni Àràmọ́tù wọ àgbàlá náà. Ó wọ tíṣáàtì dúdú ọ̀hún lórí ìró rẹ̀, ó tóbi jù ú lọ, ó wé gèlè tó dáa. Bàbá dìde pàdé rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyàwó wa, ó ti dé!"

"Ó ti dé. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sáláṣí. Gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ ni mo fi hàn, mo fọwọ́ lé àyà mi, mo ní orúkọ rẹ̀ nìyí." Ó na ọwọ́ sí Ọmọ́yẹmí. "Ìyá mi, bá mi fi ìka lé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ máa fọwọ́ pa á lódì."

Ọwọ́ Ọmọ́yẹmí ò gbéra. Ó wo Bàbá. Bàbá sún mọ́ Àràmọ́tù, ó ka ohun tó wà láyà opó náà, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, kò fi ohùn ẹnikẹ́ni ṣe é: Prêt pour la révolution. Àràmọ́tù ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé ayé ìgbà náà tí kò mọ ìyẹn. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn.

"Ẹ̀yìn wá ńkọ́?"

Dúdú lásán ló wà níbẹ̀.

Ọmọ́yẹmí kúnlẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yìn, ó sọ ti Abraham, ó bẹ̀bẹ̀. Níbẹ̀ náà ló ti yọ ọjà ọ̀hún kúrò lórí ìkànnì, ìṣẹ́jú kan ò pé. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́rùn àwọn èèyàn ní Paris àti Montréal, kò sí bọ́tìnnì kankan tó lè bọ́ ọ lọ́rùn wọn. Ó ní òun á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ aṣọ ní ìgboro lọ́la, wọn á tẹ orúkọ náà síwájú, wọn á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

Bàbá ní, "Ohùn tiwọn lo tà. Tèmi lo yọ kúrò." Kò pariwo. Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹun, ó ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n kò jókòó níwájú fóònù mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ náà, Àràmọ́tù wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti yí inú tíṣáàtì náà síta, òwú ìránṣọ rẹ̀ hàn ní èjìká. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè wọ̀ délé. Ó gbé Ọmọ́yẹmí dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò bínú. Àwọn obìnrin mọ́sáláṣí yẹn ni mò ń rò. Díẹ̀ nínú wọn mọ̀wé. Wọ́n kà á, wọ́n sì dákẹ́ fún mi."