Ìsàlẹ̀ Àwòrán

Àwọn oníbàárà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Adébùnmí ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fláyà ìpolongo ní Ìkòtún gbà pé fláyà kan ṣoṣo tó fún ibi gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sí. Wọ́n á ní kó bá àwọn ṣe é kó rẹwà, wọ́n á gbà á tán, wọ́n á wá máa tì í bọ ibi gbogbo, bí ẹni ń fi aṣọ ọmọ wọ bàbá àgbà. Adébùnmí kì í dákẹ́ sí wọn. Á ní ti ojú ìwé Instagram jẹ́ píksẹ́lì 1080 ní ìbú, 1350 ní gígùn. Ti status WhatsApp jẹ́ 1080 ní ìbú, 1920 ní gígùn, kó lè kún ojú fóònù. Àwòrán gbọọrọ ti òkè Facebook ńkọ́? Ìyẹn a máa pé pérépéré lórí kọ̀ǹpútà, fóònù á sì gé e létí ọ̀tún àti òsì. "Ohun tó bá ṣe pàtàkì, àárín ni kẹ́ ẹ fi sí," bó ṣe máa ń sọ fún wọn nìyẹn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún yẹn, kò sí èyí tó jẹ ẹ́ lógún tó fláyà àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ tí ìjọ wọn ní Ìgàndò fẹ́ ṣe. Alhaja Sìdíkátù, ìyá Fàtíà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló fà á. Nígbà tí ìyá Adébùnmí kú, tí àwọn ẹbí ń wo ara wọn lójú, Alhaja ló mú un lọ sílé rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Ó bọ́ ọ, ó sì ń jí i lọ́jọ́ Ìsinmi kó má baà pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, ojú Alhaja ń lọ. Glaucoma ni, àrùn tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé ohun tó ti lọ kò ní padà mọ́, àmọ́ iṣẹ́ abẹ lè dá ìwọ̀nba tó kù dúró, tí kò bá ti pẹ́ jù. Àwọn dókítà tó ń bọ̀ wá sí Ìgàndò ló máa yan àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n máa lò kí wọ́n tó kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Fláyà àkọ́kọ́ ní Sátidé ni. Onígun mẹ́rin tó dọ́gba ni Adébùnmí ṣe é. Bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe gbé e sórí status, àyè dúdú ṣẹ́ kù lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn sì bọ́ sínú àyè dúdú náà, kò dí ohunkóhun. Kò rẹwà, àmọ́ ó ṣeé kà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn dókítà pè pé Sátidé kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ń bọ̀, ìyẹn ọjọ́ kejì gan-an. Adébùnmí jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó lo àwòrán obìnrin arúgbó tó wà lórí ti àkọ́kọ́, ó sì kọ ọjọ́ tuntun sínú ọ̀já pupa kan. Ó kọ́kọ́ ṣe ti Instagram, ọ̀já pupa wà nísàlẹ̀, kò sì sí ewu, nítorí pé abẹ́ àwòrán ni ọ̀rọ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ó wá fà á gùn fún status. Ó gbé ọ̀já náà sókè díẹ̀, ó sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, bó ṣe yẹ.

Bùrọ̀dá Charles, ẹni tó ń ṣe olórí ìpolongo ìjọ, na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sister Bùnmí, ìsàlẹ̀ yìí ṣófo jù jàre. Ó ń ṣe bí iṣẹ́ tí wọn ò parí. Ẹ fa ọjọ́ yẹn wálẹ̀."

"Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a bá kọ mọ́ ọn máa jókòó lé, bùrọ̀dá."

"Ta ló ń wo ìyẹn? Ẹ fà á wálẹ̀ ṣá, ká rí àwòrán màmá yẹn dáadáa."

Ó rẹ̀ ẹ́. Àtàárọ̀ ló ti ń bá oníbàárà jiyàn, kò tún fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó fà á wálẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹwà lóòótọ́.

Pásítọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn gbé e sórí status pẹ̀lú àdúrà kan náà: "Ojú rẹ kò ní fọ́. Wàá fi ojú rẹ rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Wàá fi rí ọmọ ọmọ rẹ. Ṣe àmín." Adébùnmí lẹ àdúrà náà mọ́ ọn, ó gbé e sókè, ó sì padà sídìí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tó yá, ó ṣí status náà, àmọ́ kò wo àwòrán náà, orúkọ àwọn tó ti wò ó ló ń wá. Ó rí orúkọ Fàtíà. Fàtíà tilẹ̀ ti fèsì: "Àmín o. A ń bọ̀, ìwọ ọmọ dáadáa." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìpè kan péré ni ì bá pè. Kò pè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù ló wà. Wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà pé àwọn ènìyàn ò pọ̀, pé àga ṣófo, pé àwọn dókítà tètè palẹ̀ mọ́. Ó ní bóyá nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ó wà nínú ọgbà ìjọ tó ń ya àwòrán fún fláyà ọjọ́ Ìsinmi. Charity, tó ń gbálẹ̀, ló kọ́kọ́ rí wọn ní ẹnu géètì. Léèsì funfun ni Alhaja wọ̀, èyí tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, ọwọ́ rẹ̀ sì wà léjìká Fàtíà. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

"A ò pẹ́ jù, àbí?" Fàtíà bi í. "Ibo ni èrò wà?"

 Fàtíà bá mú fóònù jáde láti fi hàn Adébùnmí, nítorí ó ti ya àwòrán status náà pamọ́ kó má baà sọnù. Obìnrin arúgbó inú fláyà ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí ọjọ́ wà, àdúrà ló wà, ìlà mẹ́ta lórí òjìji dúdú. Etí ọ̀já pupa náà yọ díẹ̀ lókè àdúrà, kò sí ẹni tó lè ka ohunkóhun lára rẹ̀.

"Mo rò pé ti tẹ́lẹ̀ náà ni," Fàtíà sọ. "Àwòrán kan náà ni."

"Àná ni," Adébùnmí dáhùn. "Wọ́n ti lọ."

Fàtíà wo fóònù, ó wò ó títí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Adébùnmí kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. Ojú tì í, ó sì dùn ún débi pé ì bá wù ú kí wọ́n bú òun.

"Alhaja mi, èmi ni mo fà á. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fi ọjọ́ síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é."

 Alhaja ń wá ibi tí ohùn náà ti ń wá, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó tún yí i sósì.

"Dìde nílẹ̀," ó sọ níkẹyìn. "Ohun tó lọ ti lọ. Ìwọ dà? Má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ ti tán. Wá sáàárín, níbi tí mo ṣì ti lè rí ọ."

Adébùnmí dìde, ó sì lọ dúró sí àárín.